Ìyìn Ẹnu Kò Tó: Bí Ẹnjiníà Sólà Kan Ṣe Gba Ìwé Ẹ̀rí Lọ́wọ́ Oníbàárà Rẹ̀

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ni iná oòrùn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sólà, ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onílé àti àwọn oníléeṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí àwọn tó fẹ́ rà á ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lánàá ti di ẹnjiníà sólà lónìí. Nítorí náà, oníbàárà ti kọ́gbọ́n. Kì í béèrè iye tí iṣẹ́ yóò jẹ nìkan mọ́. Ó fẹ́ mọ ẹni tí a ti ṣe irú rẹ̀ fún rí, ó sì fẹ́ kí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé bá ọkùnrin kan ní Ìbàdàn nìyí. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ sólà fún bí ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2024, ilé ìwòsàn aládàáni kan pè é pé kó wá wo òrùlé àwọn. Ó wò ó, ó ṣe ìṣirò, ó sọ iye owó, inú wọn sì dùn sí i. Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún un, akọ̀wé wọn ní kó mú lẹ́tà méjì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún. Ẹnjiníà fa fóònù yọ. Ó fi àwòrán òrùlé bí ogójì hàn wọ́n. Akọ̀wé wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òrùlé kan kò kúkú yàtọ̀ sí èkejì, àti pé ẹni mìíràn ti fi mẹ́ta nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn àwọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹnjiníà ní kò burú, òun ní nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà òun. Wọ́n gba nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mú lẹ́tà méjì wá ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Ohun tó dun ọkùnrin náà jù ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tí kì í yìn ín. Wọ́n ń yìn ín lórí fóònù, wọ́n ń yìn ín ní òde ìnáwó. Ṣùgbọ́n ìyìn ẹnu kò ṣeé fi sínú àpò-ìwé gbé lọ fún akọ̀wé ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ tó kàn lẹ́yìn èyí ni ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ìyá àgbàlagbà kan dá sílẹ̀. Àsìkò ọlidé, kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ṣe é, kí àwọn ọmọdé má baà máa sáré kiri lábẹ́ àkàbà. Páńẹ́lì mẹ́jọ lọ sórí òrùlé. Ínfátà àti bátìrì rẹ̀ sì wà nínú yàrá kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn onírin. Wọ́n so fáànù àti iná gbogbo kíláàsì mọ́ ọn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti ẹ̀rọ fótókọ́pì. Màmá, bí gbogbo ènìyàn ti ń pe olùdásílẹ̀ náà, fẹ́ kí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga pọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà kọ̀. Ó ní agbára tí ẹ̀rọ omi fi ń gbéra nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ ju èyí tí owó tí Màmá ní lọ́wọ́ lè rà lọ, àti pé bí òun bá so ó pọ̀, yóò ba ìyókù jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi yìí yóò padà wá.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, tí Màmá tan fáànù tó sì pàtẹ́wọ́, Ẹnjiníà rántí ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilé ìwòsàn. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ tẹsitimóníà kan.” Màmá ní, “Kò burú, Ẹnjiníà, máa kọ ọ́.” Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù láti rán wọn létí. Màmá ní àwọn kò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mìíràn kọjá. Ó tún kọ̀wé, ó sì fi kún un nínú ìwé kan náà pé kí Màmá má gbàgbé ìdá márùn-ún owó iṣẹ́ tó ṣẹ́kù, èyí tí wọ́n ti fẹnu kò sí pé wọn yóò san lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá kò fèsì. Nígbà tó pè, wọn kò gbé e. Inú bí i. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti ṣe akọ̀wé fún ọ̀gá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó ní ènìyàn kò moore.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka gbogbo ohun tó kọ ránṣẹ́, ó sì bi í pé, “Àbúrò mi, kí ni o ní kí wọ́n kọ gan-an?”

Ó ní, “Tẹsitimóníà ni, Àǹtí.”

“Kí ni wọn yóò kọ sínú rẹ̀?”

Kò lè dáhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sídìí tábìlì ọ̀gá mọ̀ dájú. Ẹni tí a ní kó kọ lẹ́tà, tí a kò sọ ohun tí a fẹ́ kó kọ, iṣẹ́ ni a gbé fún un. Yóò ní láti jókòó, kó ronú ohun tó yẹ kí ó sọ, kó wá Gẹ̀ẹ́sì tó bá ipò rẹ̀ mu, kó sì máa bẹ̀rù pé èyí tí òun kọ kò ní dára tó. Olùdásílẹ̀ ilé-ìwé ni Màmá. Àwọn òbí ń ka lẹ́tà rẹ̀, kò lè kọ jákujàku. Ọ̀rọ̀ “tẹsitimóníà” pàápàá kò ràn án lọ́wọ́. Ní ilé-ìwé, tẹsitimóníà ni ìwé tí ọ̀gá ń kọ fún ọmọ tó ń jáde lọ, tó ń sọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé kì í pẹ́ dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjẹ́rìí ni. Èwo nínú méjèèjì ni ẹnjiníà sólà fẹ́?

Èyí tó burú jù, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ti wí, ni pé ó so ẹ̀bẹ̀ mọ́ gbèsè. Bí a bá béèrè owó àti ìyìn nínú ìwé kan ṣoṣo, ẹni tó kà á yóò rò pé ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ fi gba èkejì. Bí Màmá kò bá tíì ní owó náà lọ́wọ́, ojú yóò tì wọ́n láti fèsì lórí lẹ́tà, nítorí wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe dáhùn apá kan kí wọ́n fi apá kejì sílẹ̀. Àti pé, ó tún bèèrè ní kùtùkùtù jù. Ní ọjọ́ tí a fi iṣẹ́ lélẹ̀, kí ni oníbàárà mọ̀? Ó mọ̀ pé ọmọlúàbí ni ọ, pé o gbá ilẹ̀ ibi tí o ti ṣiṣẹ́. Kò tíì mọ̀ bóyá bátìrì yóò gbé iná títí ilé-ìwé yóò fi jáde ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú.

“Fi Màmá sílẹ̀ ná,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Kí wọ́n san owó rẹ tán. Kí iná náà lò díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn bá sọ nǹkan kan, ọjọ́ yẹn ni kí o tọrọ.”

Nǹkan kọ́kọ́ bàjẹ́ kí ó tó dára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà kẹta, akápò ilé-ìwé pè pé iná ń kú lójijì ní gbogbo àárọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, tó ń padà wá bó bá wù ú. Ẹnjiníà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ó ṣí ínfátà, kò rí àbùkù kan. Ó yẹ wáyà wò, kò rí nǹkan. Nígbà tó dé yàrá àwọn olùkọ́ ló rí kẹ́tùlù oníná kan lórí tábìlì. Irú kẹ́tùlù bẹ́ẹ̀ ń jẹ nǹkan bí wáàtì 2000, èyí tó pọ̀ ju ohun tí ogún fáànù òrùlé ń jẹ lápapọ̀ lọ. Ní àsìkò ìsinmi àárọ̀, àwọn olùkọ́ ń se omi tíì, ẹ̀rọ fótókọ́pì ń ṣiṣẹ́, gbogbo fáànù ń yí. Ẹrù náà wúwo jù, ínfátà sì ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá náà kúrò lára sólà, ó so ó mọ́ iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ nìkan, ó sì lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ara ògiri. Kò gba kọ́bọ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú ìrònú pé lẹ́tà ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn.

Owó tó ṣẹ́kù dé ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ní ìparí oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, Màmá fúnra wọn pè. Wọ́n ní àwọn ń wo ìwé tí akápò ń kọ epo sí. Ní sáà kejì, lítà 50 ni jẹnẹrétọ̀ ń mu lọ́sẹ̀, mẹ́wàá ní ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ márùn-ún. Ní sáà yìí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tó tíì dé lítà 10, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí ẹ̀rọ omi. “Ẹnjiníà,” ni wọ́n wí, “ọmọ kò là á sùn ní kíláàsì mi mọ́ nítorí ooru.”

Ó dúpẹ́, ó ní, “Màmá, ohun tí ẹ sọ yìí gan-an ni mo fẹ́ tọrọ. Ṣé mo lè fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí yín ní ìrọ̀lẹ́?” Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, wọ́n sì kọ èyí:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìṣírí tí ẹ sọ fún mi lónìí. Ilé ìwòsàn kan ń wá ẹni tí yóò ṣe sólà fún àwọn, wọ́n sì fẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni tí mo ti ṣiṣẹ́ fún, kó tó di ọjọ́ 15 oṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ìlà márùn-ún sí mẹ́jọ péré. Bí ẹ bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, ó ti tó. Báwo ni ọ̀rọ̀ iná ṣe rí ní ilé-ìwé kí a tó bẹ̀rẹ̀? Kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún mi? Kí ni ẹ ti fi ojú ara yín rí pé ó yí padà, títí kan ohun tí kò lọ déédéé? Bí kíkọ bá ni yín lára, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, èmi yóò tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ ó kà á, ẹ ó tún un ṣe bó ṣe wù yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kò sí ibi tí n óò lò ó àyàfi ibi tí ẹ bá gbà. Bí kò bá sì rọrùn fún yín ní àsìkò yìí, Mà, kò sí wàhálà kankan. N kò ní bínú, n kò sì ní béèrè mọ́.”

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè kejì, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni kò ní láyà láti bèèrè rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò rán oníbàárà létí iyèméjì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iyèméjì náà ni ẹni tó máa ka lẹ́tà náà ń gbé kiri nínú ọkàn tirẹ̀. Akọ̀wé ilé ìwòsàn kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé sólà dára. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí wọ́n má gba owó lọ. Bí ẹni tó ti bẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá sọ ohun tó mú kí ẹ̀rù náà kúrò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọlé ju ọgọ́rùn-ún “iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀” lọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé náà tún ṣe pàtàkì. Àgbàlagbà tí a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún láti kọ̀, kì í sábà kọ̀; ẹni tí a há mọ́ ògiri ló máa ń dákẹ́ tí kì í gbé fóònù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ohùn Màmá wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nínú rẹ̀ ni Ẹnjiníà ti gbọ́ ohun tí kò mọ̀ rí. Ó jọ pé ẹnìkan ti gba owó sólà lọ́wọ́ Màmá tẹ́lẹ̀, tó gbé bátìrì tó ti gbó sílẹ̀ fún wọn, tó sì pa fóònù. Wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ṣe sólà mọ́ láéláé. Ohun tó yí ọkàn wọn padà ni ọjọ́ tí Ẹnjiníà kọ̀ láti so ẹ̀rọ omi mọ́ iṣẹ́ náà. Màmá ní, “Ẹni tó bá fẹ́ jẹ owó mi, ṣe ni yóò ní ó ṣeé ṣe.”

Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ ohun tí Màmá sọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìwòsàn yóò kà. Ẹnjiníà fi gbólóhùn méjì kún un láti inú ọkàn rẹ̀: pé òun ni ó mọ iṣẹ́ sólà jù lọ ní Ìbàdàn, àti pé Màmá yóò gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti pè é. Ó sì yọ ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù kúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́.

Nígbà tí ìwé náà padà dé láti ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n ti fi bírò pupa sàmì sí i bí ìwé ìdánwò. Wọ́n fagi lé “jù lọ ní Ìbàdàn”, wọ́n sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ta ni mo bá a fi wé?” Wọ́n fagi lé “gbogbo ènìyàn”. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́ta tuntun. Bí a bá dá lẹ́tà náà padà sí Yorùbá, báyìí ló rí nígbà tó parí:

“Kí a tó ṣe sólà, jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé wa ń mu lítà epo 50 lọ́sẹ̀. Mo ti pàdánù owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan ṣáájú, n kò sì fẹ́ gbìyànjú mọ́. Mo gbé iṣẹ́ náà fún ẹnjiníà yìí nítorí pé ó sọ ohun tí owó mi kò lè ṣe fún mi, kó tó sọ èyí tí ó lè ṣe. Ó parí iṣẹ́ ní ọjọ́ tó dá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà ìkẹ́kọ̀ọ́, iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Ó wá ní ọjọ́ Sátidé, ó rí i pé kẹ́tùlù àwọn olùkọ́ ló fà á, ó tún wáyà ṣe láì gba owó. Láti ìgbà náà, kò tíì kú mọ́, a kò sì tíì lo lítà 10 ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ omi wa ṣì ń lo jẹnẹrétọ̀, gẹ́gẹ́ bó ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìlà mẹ́jọ nìyẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan tààrà nínú gbogbo rẹ̀. Màmá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí orúkọ ilé-ìwé wà lókè rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ sí i, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n sì kọ ipò wọn sábẹ́ orúkọ. Àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ìwé lójú akọ̀wé. Lẹ́tà tí kò ní ọjọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí Ẹnjiníà kò rò tẹ́lẹ̀. Màmá ní òun kò fẹ́ kí lẹ́tà náà dé orí Fesibúùkù. Àwọn Yorùbá ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni, ìdí sì wà fún un níhìn-ín. Àwọn olè mọ iye tí bátìrì sólà ń tà. Bí a bá kọ orúkọ ilé-ìwé, àdúgbò rẹ̀, àti irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀ síta, tí a wá fi àwòrán òrùlé tì í, a ti ya àwòrán ọ̀nà fún wọn. Wọ́n fẹnu kò pé ó lè fi lẹ́tà náà han ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un ní ojúkojú. Pé bí yóò bá lo gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ní ìta gbangba, kó kọ “olùdásílẹ̀ ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn” dípò orúkọ. Àti pé àwòrán tí ọmọ ilé-ìwé bá ti hàn kò gbọ́dọ̀ jáde rárá. Ní ti òfin pàápàá, láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ẹni tó ṣe ọ lóore kò yẹ kó ti ibi oore náà kó sí wàhálà.

Àwọn kan yóò bèèrè pé, ṣé kíkọ tí oníṣẹ́ bá ọ̀gá kọ lẹ́tà kì í ṣe irọ́? Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a tẹ ohun tí ènìyàn sọ, kó kà á, kó tún un ṣe, àti kí a kọ ohun tí a fẹ́ kó sọ kí a sì gbé e síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Gbólóhùn méjì tí Ẹnjiníà fi kún un ti ń yọ́ lọ sí ọ̀nà kejì, bírò pupa ló dá a padà. Ti ẹni tó ń sanwó fún ìyìn tún yàtọ̀. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò gba kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ èké ṣi oníbàárà lọ́nà; ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbé òfin pàtó jáde ní ọdún 2024 lórí ẹ̀rí ayédèrú. Níhìn-ín, kí òfin tó dé, fóònù ti tú àṣírí. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà, tí ẹni tó gbé e kò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ẹnjiníà lo irú ìwé kan náà fún àwọn oníbàárà mẹ́rin mìíràn. Méjì kọ lẹ́tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì tó ní iléeṣẹ́ òun kò gbà kí òun fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó ní kí wọ́n máa pe òun bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bèèrè. Ẹ̀kẹrin ni kò retí. Sí ìbéèrè kẹta, ìyẹn dáhùn pé omi òjò ń jò wọ yàrá òun láti ibi tí wọ́n ti de páńẹ́lì mọ́ páànù, pé òun ti ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò láti bí oṣù méjì. Kò sọ fún Ẹnjiníà rí. Ẹnjiníà gbé àkàbà lọ ní ọjọ́ kejì, ó dí ojú ìṣó náà. Kò tọrọ lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó gbé lẹ́tà mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn kejì náà kí ọjọ́ 15 tó pé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, alábòójútó wọn pe Màmá lórí fóònù. Kò bèèrè iye epo, kò bèèrè nípa ìwà ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù ló bèèrè: ṣé lóòótọ́ ni pé ó wá ní Sátidé, ṣé lóòótọ́ ni pé kò gba owó? Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wá pe Ẹnjiníà pé kó wá yẹ ilé wò, yàrá àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wọ̀. Kẹ́tùlù méjì ló wà lórí tábìlì.